Bí a ṣe ń wá pẹrẹsẹ tó fara kan ojú kan nígbà tí z fara sin sínú ìdọ́gba

Ẹ wo ìdọ́gba yìí:

z³ + yz + x²y = 5

Gbogbo ibi (x, y, z) tó bá mú ìdọ́gba yìí ṣẹ ló kóra jọ di ojú kan nínú àyè, bí aṣọ tí atẹ́gùn gbé sókè tí kò tíì balẹ̀. N ó máa pe ojú náà ní S. Ibi (1, 2, 1) wà lórí rẹ̀. Ẹ fi 1 sí ipò x, kí ẹ fi 2 sí ipò y, kí ẹ sì fi 1 sí ipò z, apá òsì á di 1 + 2 + 2, ìyẹn 5. Ohun tí a ń wá ni pẹrẹsẹ tó fara kan S níbẹ̀: ojú tó tẹ́jú bíi pákó, tó gba (1, 2, 1) kọjá, tí ìdagẹ̀rẹ́ rẹ̀ sì bá ti S mu níbẹ̀ gan-an, ní ìhà x àti ní ìhà y.

Ká ní z dá wà ní apá òsì ni, tí x àti y nìkan sì wà ní apá ọ̀tún, iṣẹ́ kékeré ni. Ṣùgbọ́n z wà nínú z³, ó tún wà nínú yz. Ó fara sin sínú ìdọ́gba. Ẹni tó bá fẹ́ fà á jáde ní láti yanjú ìdọ́gba onípò kẹta. Ó ṣeé ṣe o, àmọ́ gbòǹgbò inú gbòǹgbò ni ohun tó máa bọ́ sí i lọ́wọ́, àtiyọ dẹrífátíìfù irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sì máa ń mú kéèyàn ṣe àṣìṣe láìmọye. Bí a bá tún fi z⁵ rọ́pò z³, kò sí àgbékalẹ̀ gbòǹgbò kankan tó lè fa z jáde fún gbogbo x àti y.

Ibi tí mo ń lọ ni pé a kò nílò àgbékalẹ̀ z rárá. Pẹrẹsẹ kò béèrè ju ohun mẹ́ta lọ: ibi tó ti fara kan S, ìdagẹ̀rẹ́ S níbẹ̀ ní ìhà x, àti ìdagẹ̀rẹ́ rẹ̀ ní ìhà y. Ibi náà ti wà lọ́wọ́ wa. Ìdagẹ̀rẹ́ méjèèjì ló kù, a sì lè rí wọn gbà lọ́wọ́ ìdọ́gba náà bó ṣe wà yẹn, láìfa z jáde.

Kọ́kọ́ mọ ẹni tó dúró àti ẹni tó ń rìn

Ọ̀pọ̀ àṣìṣe tí mo ti rí nínú irú iṣẹ́ yìí kò ti ọwọ́ ìṣirò wá. Ohun tó ń fà á ni pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kò tíì pinnu lẹ́tà tó dúró àti èyí tó ń rìn kó tó gbé gègé. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká pinnu rẹ̀ kó tó di pé a fọwọ́ kan ohunkóhun.

Lórí S, a kò lè mú x, y àti z bó ṣe wù wá. A lè mú x bó ṣe wù wá, a lè mú y náà, ṣùgbọ́n tí a bá ti mú àwọn méjèèjì, ìdọ́gba ló máa sọ iye tí z gbọ́dọ̀ jẹ́. Àwọn méjì lómìnira, ẹ̀kẹta ń tẹ̀ lé wọn.

Tí a bá wá ń wá ìdagẹ̀rẹ́ ní ìhà x, x ló ń rìn. Y dúró gbọn-in bí òpó, a ó máa ṣe é bí a ṣe ń ṣe 7 tàbí 12. Z ńkọ́? Z kò dúró. Bí x bá ṣe ń sún ni z ń sún, nítorí pé kò gbọdọ̀ kúrò lórí S. Bí z ṣe ń sún sí bí x ṣe ń sún ni mo ń kọ ní z_x. Nọ́ńbà tí a kò tíì mọ̀ ni, òun gan-an la sì ń wá. Bákan náà, z_y ni bí z ṣe ń sún nígbà tí y ń rìn tí x sì dúró.

Ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé yín bí ẹ bá fẹ́. Èmi ṣì máa ń kọ ọ́: «x ń rìn, y dúró, z ń tẹ̀ lé». Ó ń gbà mí lọ́wọ́ ara mi.

Ìdagẹ̀rẹ́ ní ìhà x

A ó gba inú ìdọ́gba kọjá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti òsì lọ sí ọ̀tún, a ó sì bi ẹyọ kọ̀ọ̀kan léèrè pé: bí x bá sún díẹ̀, báwo ni ìwọ ṣe máa yí padà?

Z³ ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Kò sí x nínú rẹ̀ tí ojú lè rí, èyí ló sì ń mú kí àwọn kan kọ òdo síbẹ̀. Ṣùgbọ́n z ń tẹ̀ lé x. Bí z bá sún díẹ̀, z³ á sún ní ìlọ́po 3z² iye tí z fi sún; z fúnra rẹ̀ sì ń sún ní ìlọ́po z_x iye tí x fi sún. Ìdí nìyí tí z³ fi fún wa ní 3z²·z_x. Òfin ìsokọ́ra kò ju ìyẹn lọ: x ti z, z ti z³.

Yz ló tẹ̀ lé e. Y dúró, z ń rìn, a ó rí y·z_x.

X²y: x ń rìn, y dúró, kò sí z níbẹ̀. A ó rí 2xy.

5 kò lọ síbì kankan, òdo ni tirẹ̀. Ẹ má gbàgbé apá ọ̀tún yìí o. Ẹni tó bá yọ dẹrífátíìfù apá òsì tán, tó sì fi 5 sílẹ̀ bó ṣe wà, ti ba iṣẹ́ náà jẹ́ láìmọ̀.

Ẹ kó wọn jọ:

3z²·z_x + y·z_x + 2xy = 0

Ohun kan wà níbí tó máa ń dùn mọ́ mi. Z dì mọ́ ìdọ́gba àkọ́kọ́ débi pé ó nira láti fà á jáde, ṣùgbọ́n z_x kò dì mọ́ ohunkóhun. Kò sí z_x² níbẹ̀, kò sí gbòǹgbò z_x. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, bó ti wù kí ìdọ́gba àkọ́kọ́ le tó, nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni òfin ìsokọ́ra ń mú z_x wọlé sínú ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Torí náà, ìpín lásán ló máa yanjú rẹ̀. Ẹ kó àwọn tó ní z_x sọ́nà kan, kí ẹ gbé ìyókù kọjá sí ọ̀tún:

(3z² + y)·z_x = −2xy

z_x = −2xy / (3z² + y)

Ẹ ṣàkíyèsí pé z ṣì wà ní apá ọ̀tún. Kì í ṣe àṣìṣe. Ìdagẹ̀rẹ́ náà ní í ṣe pẹ̀lú ibi tí a wà lórí S, kì í ṣe pẹ̀lú x àti y nìkan. N ó padà wá sórí èyí.

Ìdagẹ̀rẹ́ ní ìhà y

Ó yá, ipò yí padà: y ń rìn, x dúró, z ń tẹ̀ lé. Z³ fún wa ní 3z²·z_y. X²y fún wa ní x², nítorí pé x² ti dúró báyìí bíi nọ́ńbà lásán.

Ẹyọ tó fẹ́ àkíyèsí ni yz. Àwọn méjèèjì ló ń rìn lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí a ń wá z_x, y dúró, kò sí wàhálà. Nísinsìnyí, y ń rìn fúnra rẹ̀, z sì ń tẹ̀ lé e. Òfin ìlọ́po ló kàn: a ó jẹ́ kí y rìn kí z dúró, a ó rí z; a ó jẹ́ kí z rìn kí y dúró, a ó rí y·z_y; a ó sì ro wọ́n pọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọ z nìkan, wọ́n á sì kọjá lọ. Ẹ fi àṣìṣe yẹn sọ́kàn, nítorí n ó fi hàn yín láìpẹ́ bí a ṣe ń mú un.

3z²·z_y + z + y·z_y + x² = 0

z_y = −(z + x²) / (3z² + y)

Nọ́ńbà ìsàlẹ̀ méjèèjì dọ́gba, 3z² + y. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn nígbà gbogbo. Bí tiyín kò bá dọ́gba, ẹ dúró, ẹ wá ibi tí ẹ ti ṣì í. Kò yẹ kí ẹ tẹ̀ síwájú.

Fi nọ́ńbà sí i, ṣùgbọ́n kì í ṣe ṣáájú

Ní báyìí nìkan ni a tó lè fi (1, 2, 1) sí i. Ẹni tó bá fi 2 rọ́pò y kó tó yọ dẹrífátíìfù ní ìhà y ti so y mọ́lẹ̀, kò sì lè rìn mọ́. Ìdáhùn tó máa rí kò ní ní ìtumọ̀.

3z² + y = 3 + 2 = 5

z_x = −4/5

z_y = −(1 + 1)/5 = −2/5

Pẹrẹsẹ tó gba (1, 2, 1) kọjá pẹ̀lú ìdagẹ̀rẹ́ méjì yìí ni:

z = 1 − (4/5)(x − 1) − (2/5)(y − 2)

Ẹ fi 5 sọ gbogbo rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ tò ó:

4x + 2y + 5z = 13

Ẹ fi ibi wa dán an wò: 4 + 4 + 5 = 13. Ó gba ibẹ̀ kọjá.

Àṣìṣe kan wà tó ń wọ́pọ̀ níbí. Èèyàn á gbàgbé fi nọ́ńbà sínú z_x, á wá kọ z = 1 − 2xy/(3z² + y)·(x − 1), àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí kì í ṣe pẹrẹsẹ. Pẹrẹsẹ kì í ní ju nọ́ńbà lásán lọ níwájú x, y àti z. Bí ẹ bá rí x² tàbí xy nínú ìdáhùn yín, nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

Dán an wò

Pé pẹrẹsẹ gba (1, 2, 1) kọjá kò tó. Pẹrẹsẹ tí kò lóǹkà ló gba ibẹ̀ kọjá, pàápàá àwọn tí ìdagẹ̀rẹ́ wọn kò tọ̀nà. Ohun tó ya èyí tó fara kan S sọ́tọ̀ ni bó ṣe ń lẹ̀ mọ́ S bí a bá sún díẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lò ó.

Ẹ fi y sílẹ̀ ní 2, kí ẹ gbé x lọ sí 1.1. Pẹrẹsẹ sọ pé z = 1 − 0.08 = 0.92. S ńkọ́? Nínú ìdọ́gba S, x²y di 2.42, ó wá ku z³ + 2z = 2.58. Ẹ̀rọ ìṣirò kékeré ti tó láti dá a mọ̀. Bí ẹ bá fi 0.91 gbìyànjú, ẹ ó rí 2.5736, ó kéré jù, 0.92 fún yín ní 2.6187, ó pọ̀ jù. Ẹ máa fún àárín wọn pọ̀, ẹ ó dé 0.9114. Àlàfo tó wà láàárín pẹrẹsẹ àti S jẹ́ 0.0086.

Ẹ wá sún mọ́ tòsí. X = 1.01. Pẹrẹsẹ sọ pé 0.992, S sọ pé 0.99192. Àlàfo ti di 0.00008.

A dín ìrìn wa kù sí ìdá mẹ́wàá, àlàfo sì dín kù sí nǹkan bí ìdá ọgọ́rùn-ún. Èyí ni ẹ̀rí. Bí ìdagẹ̀rẹ́ bá tọ̀nà, ohun tó kù láàárín pẹrẹsẹ àti ojú kì í ju bí ojú ṣe tẹ̀ lọ, ìtẹ̀ yẹn sì ń dín kù kíákíá ju ìrìn lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ẹni tó gbàgbé òfin ìlọ́po lórí yz. Ó kọ 3z²·z_y + z + x² = 0, ó sì rí z_y = −2/3. Nọ́ńbà tó dára lójú ni. Ẹ fi x sílẹ̀ ní 1, kí ẹ gbé y lọ sí 2.1. Pẹrẹsẹ rẹ̀ sọ pé 0.9333, S sọ pé 0.9598. Àlàfo: 0.0265. Ẹ gbé y padà sí 2.01. Pẹrẹsẹ rẹ̀ sọ pé 0.9933, S sọ pé 0.9960. Àlàfo: 0.0027. Ìrìn dín kù sí ìdá mẹ́wàá, àlàfo náà kò sì dín kù ju ìdá mẹ́wàá lọ. Ibẹ̀ ni àṣírí ti tú. Àlàfo tó bá ń bá ìrìn dọ́gba báyìí ń sọ pé ìdagẹ̀rẹ́ fúnra rẹ̀ kò tọ̀nà, ó tún ń sọ iye tó fi yà kúrò lọ́nà: 0.0027 pín sí 0.01 jẹ́ 0.27, bẹ́ẹ̀ −2/5 àti −2/3 fi nǹkan bí 0.27 yàtọ̀ síra.

Bó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo ni ẹ ó mú nínú ìwé yìí, ẹ mú àyẹ̀wò yìí. Ìhà x lọ́tọ̀, ìhà y lọ́tọ̀, nítorí ọ̀kan lè tọ̀nà kí èkejì má tọ̀nà, bí a ṣe rí i yìí.

Ọ̀nà àbùjá, àti ibi tó ti ń da èèyàn rú

Ọ̀pọ̀ ẹ ti mọ ọ̀nà kan tó yá ju èyí lọ. A ó pe apá òsì ní F, ìyẹn F = z³ + yz + x²y, a ó sì yọ dẹrífátíìfù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí a ó máa fi méjì sílẹ̀ lójú kan nígbà kọ̀ọ̀kan:

F_x = 2xy
F_y = z + x²
F_z = 3z² + y

Ní (1, 2, 1), wọ́n di 4, 2 àti 5, pẹrẹsẹ sì ni 4(x − 1) + 2(y − 2) + 5(z − 1) = 0. Ẹ tò ó, ẹ ó bá 4x + 2y + 5z = 13 pàdé lẹ́ẹ̀kan sí i.

Kí ló dé tí z fi dúró nínú F_x, tó sì ń rìn nínú z_x? Nítorí pé àwọn ìbéèrè méjèèjì yàtọ̀. F kò mọ S. Gbogbo àyè ni F ń gbé, x, y àti z sì lómìnira níbẹ̀. F_x ń béèrè pé: bí x nìkan bá sún, kódà bí ìyẹn bá mú wa kúrò lórí S, báwo ni F ṣe máa yí? Ní ti z_x, ó fi dandan lé e pé a ò gbọ́dọ̀ kúrò lórí S.

Àwọn méjèèjì so pọ̀ báyìí. Bí x bá sún síwájú díẹ̀ láti (1, 2, 1), F á gòkè ní ìlọ́po 4. Ṣùgbọ́n lórí S, F gbọ́dọ̀ wà ní 5. Z ló máa san gbèsè náà. Níwọ̀n bí F ti ń gòkè ní ìlọ́po 5 bí z bá gòkè, z gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ ní 4/5 kí F lè padà síbi tó wà. Ìyẹn gan-an ni:

z_x = −F_x / F_z

Ibẹ̀ ni àmì ìyọkúrò ti wá. Àwọn tó há a sórí láìmọ ìdí rẹ̀ ń gbàgbé rẹ̀ nínú z_x, tàbí kí wọ́n tún fi kún ọ̀nà àbùjá níbi tí kò ti sí. Ẹ rántí gbèsè tí z ń san, ẹ kò sì ní gbàgbé mọ́.

Ẹni tó bá po ọ̀nà méjèèjì pọ̀, tó jẹ́ kí z rìn nígbà tó ń wá F_x, máa rí ohun ìyanu: 4 + 5·(−4/5) = 0. Kò yà mí lẹ́nu, nítorí F kì í yí padà lórí S. Bí gbogbo nǹkan bá ń di òdo mọ́ yín lọ́wọ́, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Àmì tí a ń lò pẹ̀lú ní ọwọ́ nínú ìdàrúdàpọ̀ yìí. Legendre ló kọ́kọ́ lo ∂ fún irú dẹrífátíìfù yìí ní 1786, Jacobi sì tún gbé e dìde ní 1841, ó sì gbilẹ̀. Àmì tó rọrùn láti kọ ni, àmọ́ ∂z/∂x sọ ẹni tó ń rìn, kò sọ ẹni tó dúró. Àwa fúnra wa la gbọ́dọ̀ sọ ọ́.

Ìdí tí z fi ṣẹ́ kù nínú ìdáhùn

Mo ní n ó padà wá sórí z tó kù ní apá ọ̀tún. Bọ́ọ̀lù ló fi í hàn jù: x² + y² + z² = 9. Ẹ yọ dẹrífátíìfù rẹ̀ bí a ti ń ṣe é, ẹ ó rí z_x = −x/z àti z_y = −y/z.

Bí ẹnìkan bá ní kí a wá pẹrẹsẹ «níbi tí x jẹ́ 1, tí y sì jẹ́ 2», kò tíì béèrè ohun kan pàtó. Ibi méjì ló wà níbẹ̀: (1, 2, 2) lókè bọ́ọ̀lù, (1, 2, −2) nísàlẹ̀. Ní òkè, ìdagẹ̀rẹ́ jẹ́ −1/2 àti −1, pẹrẹsẹ sì jẹ́ x + 2y + 2z = 9. Ní ìsàlẹ̀, ó jẹ́ 1/2 àti 1, pẹrẹsẹ sì jẹ́ x + 2y − 2z = 9. Àgbékalẹ̀ kan ṣoṣo ló fún wa ní méjèèjì, z tó wà nínú rẹ̀ ló ń sọ apá tí a wà. Lórí S tiwa, kò sí irú èyí níbi tí y bá ti ju òdo lọ, nítorí pé z³ + yz kàn ń gòkè ni bí z ti ń gòkè, x àti y kọ̀ọ̀kan kò sì lè ní ju z kan lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú un.

Bí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ bá di òdo

Ẹ dúró sórí bọ́ọ̀lù yẹn, ṣùgbọ́n ẹ bọ́ sí (3, 0, 0). Z_x di −3/0. Àwọn kan á kọ ọ́ pé «kò sí pẹrẹsẹ níbẹ̀». Ó wà o. Bọ́ọ̀lù kò ní ìgun kankan níbẹ̀, ó dán bí gbogbo ara rẹ̀ ṣe dán. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé pẹrẹsẹ náà nàró bí ògiri, ohun tó nàró kò sì ní ìdagẹ̀rẹ́ tí a lè fi nọ́ńbà kọ. A fipá mú z tẹ̀ lé x àti y níbi tí kò ti lè tẹ̀ lé wọn.

Àtúnṣe rẹ̀ ni kí a yan ẹlòmíràn tí yóò tẹ̀ lé. Ẹ jẹ́ kí y àti z lómìnira, kí x máa tẹ̀ lé wọn. Bí y ti ń rìn tí z dúró:

2x·x_y + 2y = 0

x_y = −y/x, òdo sì ni ní (3, 0, 0). Bákan náà ni x_z ṣe jẹ́ òdo. Pẹrẹsẹ náà ni x = 3 + 0 + 0, ìyẹn x = 3. Ògiri lóòótọ́. Ọ̀nà àbùjá kò tilẹ̀ mọ̀ pé ìṣòro kankan wà: F_x jẹ́ 6, àwọn méjì yòókù jẹ́ òdo, 6(x − 3) = 0.

Nítorí náà, òdo nísàlẹ̀ pẹ̀lú ohun tí kì í ṣe òdo lókè kò dẹ́rù bani. Èyí tó yẹ ká fura sí ni òdo lókè àti òdo nísàlẹ̀ fún àwọn méjèèjì, nítorí ẹni yòówù tí a bá yàn láti tẹ̀ lé, ohun kan náà ló máa ṣẹlẹ̀.

Ẹ mú kóònù, x² + y² = z². Z_x = x/z, z_y = y/z. Ní (0, 0, 0), a rí 0/0. Níbí, kò sí pẹrẹsẹ kankan lóòótọ́: ṣóńṣó kóònù nìyẹn, kóònù òkè àti ti ìsàlẹ̀ pàdé síbẹ̀, kò sì sí pákó kan tó lè lẹ̀ mọ́ ọn ní gbogbo ìhà. Àyẹ̀wò wa náà á sọ bẹ́ẹ̀. Pẹrẹsẹ yòówù kí ẹ dábàá, ẹ máa rí ìhà kan tí àlàfo ti ń bá ìrìn dọ́gba.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe yára dájọ́ nítorí ẹ rí 0/0. Ẹ wo èyí:

(x + y + z − 3)² = 0

Bí a bá yọ dẹrífátíìfù rẹ̀ ní ìhà x, a ó rí 2(x + y + z − 3)(1 + z_x) = 0. Lórí ojú yìí, ohun tó wà nínú àkámọ́ àkọ́kọ́ jẹ́ òdo níbi gbogbo, ìdọ́gba náà di 0 = 0, kò sì sọ nǹkan kan nípa z_x. Bẹ́ẹ̀ ojú náà kò ní ṣóńṣó níbì kankan. Ìdọ́gba ni ẹni tó kọ ọ́ fi ìlọ́po tí kò wúlò dì. Ẹ yọ ìlọ́po náà kúrò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ó ku x + y + z − 3 = 0, ẹ ó rí 1 + z_x = 0 àti 1 + z_y = 0. Ìdagẹ̀rẹ́ jẹ́ −1 ní ìhà méjèèjì, níbi yòówù kí ẹ mú, pẹrẹsẹ tó fara kan ojú náà sì ni x + y + z = 3, ìyẹn ojú náà fúnra rẹ̀.